Ẹnu páìpù lára táńkì orí òrùlé: ọ̀nà mẹ́ta tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò fi ní dé ẹnu ẹ̀rọ, àti èyí tó bá ilé yín mu

Bí ẹ bá ra táńkì oníke 2,000 lítà lónìí, tí pọ́lọ́ńbà bá yín gbé e sórí òrùlé tàbí sórí sítáńdì onírin, ihò kan ṣoṣo ni yóò sábà lò fún omi tó ń lọ sínú ilé. Ihò náà yóò wà ní ẹsẹ̀ táńkì, níbi pẹrẹsẹ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀ fún un. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: onílé kò fẹ́ kí omi kankan ṣẹ́ kù sínú táńkì tó fowó ara rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni yanrìn kànga, ìpẹtà, eruku àti ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ ń lọ jókòó sí. Ẹni tó bá ti da omidùn kúrò lórí ògì rí mọ̀ pé èyí tó wúwo ń bẹ nísàlẹ̀, èyí tó tòrò ń bẹ lókè, ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó tòrò kì í fi ìpọnmi kan ìdí ìkòkò. Ihò ẹsẹ̀ táńkì ń kan ìdí ìkòkò ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ẹ̀rọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkíní ni kí ihò ẹsẹ̀ táńkì wà bó ṣe wà, ká wá fi tíì kan, ìyẹn ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta tó rí bíi lẹ́tà T, sí ìta rẹ̀, kí ẹsẹ̀ tíì tó dorí kọ ilẹ̀ di ibi tí yanrìn ń já bọ́ sí. Èkejì ni ká fi ẹ́ẹ́bò tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ àti páìpù kúkúrú gbé ẹnu tó ń gba omi sókè láti inú táńkì. Ẹ̀kẹta ni ihò méjì, ti òkè fún ilé, ti ìsàlẹ̀ fún fáàfù ìdọ̀tí, ìyẹn fáàfù tí a ń ṣí láti da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde.

Kí ẹ tó lu ihò kankan

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìdọ̀tí ti ń wá, torí kì í ṣe gbogbo omi pupa ló jẹ́ ẹ̀bi táńkì. Ẹ wá ìgò oníke mẹ́ta tí a lè rí inú wọn. Ẹ pọn omi sí èkíní láti ẹnu páìpù tí pọ́ǹpù fi ń da omi sínú táńkì. Ẹ pọn sí èkejì láti ẹnu ẹ̀rọ tó sún mọ́ táńkì jù, ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó tan pọ́ǹpù, kí ẹ sì jẹ́ kí omi kọ́kọ́ sá díẹ̀. Ẹ pọn sí ẹ̀kẹta láti ẹ̀rọ kan náà nígbà tí omi táńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí pọ́ǹpù sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí yanrìn bá ti já sí ìdí ìgò kìíní lójú ẹsẹ̀, kànga ló ń da yanrìn; bóyá pọ́ǹpù ti sún mọ́ ìsàlẹ̀ kànga jù, bóyá páìpù oníhò wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ti ya. Bí omi ìgò náà bá mọ́ gaara nígbà tí ẹ pọn ọ́n, tó wá di àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, irin ló wà nínú omi. Irin tó ti yọ́ sínú omi kì í hàn títí afẹ́fẹ́ yóò fi kàn án. Ìgbà náà ló máa ń di ìpẹtà tó ń silẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò etí òkun ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn tó ń gbẹ́ kànga mọ omi báyìí dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí irin bá ti ju 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ, ó máa ń fi àbàwọ́n sára aṣọ àti sára àwo ilé ìwẹ̀.

Bí omi ìdájí bá kọ́kọ́ jáde ní pupa tó sì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, páìpù inú ilé ló ń dípẹtà, pàápàá nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n fi páìpù onírin ṣe. Kò sí ohun tí ẹ ṣe sí táńkì tó máa wo ìyẹn sàn. Àmọ́ bí ìgò kejì bá mọ́ tí ẹ̀kẹta dọ̀tí, ohun tó ti silẹ̀ sínú táńkì ni omi pọ́ǹpù ń rú sókè, tí ihò ìsàlẹ̀ sì ń gbé e wá fún yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí báyìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Tíì ìta ni àwọn pọ́lọ́ńbà fẹ́ràn jù, torí kò sí ẹni tó máa wọ inú táńkì, wọn kò sì ní tú omi rẹ̀ dànù. Wọ́n á fi tíì sí i, wọ́n á jẹ́ kí páìpù ilé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fi fáàfù sí ìdí ẹsẹ̀ tó dorí kọ ilẹ̀. Ó ń mú yanrìn tó nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí omi ṣe ń sáré nínú páìpù ínṣì kan: nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá ṣí pọ̀, ó lè sá tó ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ yanrìn tó kéré bí ìyẹ̀fun kì í já ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní àkókò kan náà. Omi yóò gbé e kọjá tíì kó tó já. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀nà yìí wúlò, kí tíì náà jẹ́ oní-ínṣì 2, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó padà sí ínṣì kan, kí omi lè rọra kọjá níbẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ìpẹtà tó fẹ́lẹ́ yóò ṣì kọjá.

Páìpù tó nàró nínú táńkì ni àtúnṣe tó rọrùn jù fún táńkì tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Ẹ óò fi ẹ́ẹ́bò sí inú ihò ẹsẹ̀ táńkì kó kọjú sókè, ẹ óò wá ki páìpù tó gùn tó ínṣì 4 bọ̀ ọ́ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ lè fà á yọ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ táńkì. Omi yóò máa wọlé láti orí páìpù náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà tí ìdọ̀tí máa gbà jáde. Yóò máa pọ̀ títí yóò fi dé orí páìpù, ẹ óò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àyàfi tí ẹnì kan bá ń wọ inú táńkì lọ fọ̀ ọ́.

Níbí ni àṣìṣe kan ti wọ́pọ̀ gan-an. Pọ́lọ́ńbà á gbé ẹnu páìpù sókè nínú táńkì, á wá fi tíì àti fáàfù ìdọ̀tí sí páìpù kan náà ní ìta. Lójú, gbogbo ẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde nínú fáàfù yẹn, láti orí páìpù tó nàró ló ti ń wọlé, níbi tí omi ti tòrò. Omi mímọ́ ni ẹ óò máa dà nù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Fáàfù ìdọ̀tí kò lè kó ohun tó wà nísàlẹ̀ ihò tó ń fà láti inú rẹ̀. Tí ẹ bá rí fáàfù tí omi rẹ̀ máa ń mọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ lọ wo ibi tí ihò rẹ̀ wà.

Ihò méjì ló yanjú ìyẹn. Èyí tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ kò nílò láti lu ihò sí ìdí táńkì rárá. Ihò tí ilé iṣẹ́ ṣe sí ẹsẹ̀ táńkì ni kó di ti fáàfù ìdọ̀tí, torí òun ló wà nísàlẹ̀ jù lọ. Ẹ lu ihò tuntun sókè rẹ̀ fún páìpù ilé, lójú ibi tí ara táńkì ti dán tí kò sì ní ìlà tó yọ síta, kó má sì wà lórí ihò àkọ́kọ́ gan-an. Kó jìnnà sí i díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí omi tó ń sáré jáde nínú ọ̀kan má ba máa rú ìdí èkejì. Ayùn róbótó tí wọ́n ń fi sẹ́nu dírílì ni kí wọ́n fi lu ú. Kí wọ́n má fi irin gbígbóná dá a lu, torí ihò tó yọ́ kì í ṣe róbótó, rọ́bà kò sì lè dí i. Báàkì nọ́ọ̀tì pẹ̀lú rọ́bà ní inú àti ní ìta ló ń mú un dúró. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù PVC kì í lẹ ara táńkì oníke, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà kò mọ̀ ọ́n.

| | Tíì ìta | Páìpù tó nàró nínú táńkì | Ihò méjì |
|---|---|---|---|
| Yanrìn tó nípọn | ó ń mú púpọ̀ | ó ń mú | ó ń mú, ó sì ń jáde |
| Ìpẹtà tó ti silẹ̀ | ó ń kọjá sínú ilé | ó ń dúró nísàlẹ̀ | ó ń dúró, ó sì ń jáde |
| Ẹni tó máa wọ inú táńkì lọ fọ̀ ọ́ | léraléra | léraléra | lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan |
| Omi tí ilé kò lè lò | díẹ̀ | bí páìpù ṣe ga tó | bí ihò òkè ṣe ga tó |

Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oní-fúláàtì 4 kan ní Ìkòròdú, tí táńkì rẹ̀ jẹ́ 2,000 lítà tó fẹ̀ tó mítà 1.3 ní ìdábùú. Ìdí táńkì tó fẹ̀ báyìí ń gba omi bíi lítà 13 fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó ga. Tí ihò òkè bá ga tó ínṣì 2, lítà 66 ni kò ní dé inú ilé. Tó bá jẹ́ ínṣì 4, ó tó 133. Tó bá jẹ́ ínṣì 6, ó súnmọ́ 200, ìyẹn ìdá mẹ́wàá táńkì.

Ìyá onílé gbọ́ 133, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ fi omi mi ṣòfò.” Pọ́lọ́ńbà ní, “Rárá, mà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fa omi yẹn sókè, ibẹ̀ láá máa wà.” Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò tíì sọ gbogbo ẹ̀. Ohun tí ẹ ń pàdánù ni ìpamọ́ fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Tí èèyàn 20 bá ń gbé nínú ilé náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo lítà 60 lóòjọ́, 1,200 lítà ni wọ́n ń ná lójúmọ́. Lítà 133 kò tó ohun tí wọ́n ń lò ní wákàtí mẹ́ta. Mo rò pé ìyẹn kò pọ̀ jù fún omi tó mọ́. Bí wákàtí mẹ́ta yẹn bá dun onílé, kó ra táńkì tó tóbi díẹ̀ sí i, kó má gbé ihò wálẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní omi kò ní ní agbára mọ́ tí ẹnu páìpù bá gòkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú omi inú táńkì ṣe ga sí ẹnu ẹ̀rọ tó ni agbára omi ń wò, kì í wo bí ihò ṣe ga lára táńkì. Ínṣì 4 kò yọ ohunkóhun kúrò nínú agbára ṣáwà yín.

Fún ọ̀pọ̀ ilé, ínṣì 4 ni màá mú. Kànga tó ń da yanrìn gan-an lè gba ínṣì 6. Ínṣì 2 kò tó, torí omi tó ń sáré wọ ihò máa ń fa ohun tó wà ní àyíká rẹ̀, títí kan èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá sì ti ga tó ìka méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ihò. Nínú táńkì kékeré 500 lítà, ínṣì 4 lè gba bíi lítà 50, níbẹ̀ màá gba ínṣì 3, màá sì máa ṣí fáàfù ìdọ̀tí déédéé.

Gíga nìkan kò tó tí omi pọ́ǹpù bá ń já láti òkè táńkì lu ìsàlẹ̀ bí òjò. Kí ẹnu páìpù tó ń wọlé wà ní òdìkejì ihò ilé, kí ẹ fi tíì sí ẹnu rẹ̀ kó lè ya omi sọ́tùn-ún sósì, kó máa ṣàn lára ògiri táńkì. Kí ẹ sì ṣètò súwíìṣì tó ń léfòó kó tan pọ́ǹpù nígbà tí omi bá ṣì ga tó ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ihò òkè, kí omi tó ń bọ̀ lè já sórí omi, kó má já sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Fáàfù ìdọ̀tí: nítòsí táńkì ni, àbí nísàlẹ̀ ilé?

Àríyànjiyàn tó wà níbí lágbára ju ti gíga lọ. Tí fáàfù bá wà lókè, nítòsí ara táńkì, páìpù tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ máa ń ṣófo. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò rí ibi pamọ́ sí, bí oòrùn bá sì fọ́ páìpù náà, omi táńkì kò ní dànù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun àkàbà. Nínú ilé tí àwọn ayálégbé ń gbé, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: wọn kò ní gùn ún.

Tí fáàfù bá wà nísàlẹ̀, ọmọdé lè ṣí i. Àmọ́ páìpù mítà mẹ́fà tàbí méje tó wà lókè rẹ̀ yóò máa kún fún omi ní gbogbo ìgbà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì máa já sínú rẹ̀, yóò le mọ́ orí fáàfù tí a kò bá ń ṣí i. Bí páìpù bá ya lóru, gbogbo táńkì ló lọ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá yan ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi fáàfù kejì sókè lára táńkì, tí yóò máa ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tí wọn óò tì nígbà àtúnṣe nìkan. Kó sì fi kílíìpù mú páìpù náà mọ́ ògiri dáadáa, kó kùn ún ní ọ̀dà kí oòrùn má tètè ba ara rẹ̀ jẹ́.

Fún ilé Ìkòròdú tí mo mú wá, ìsàlẹ̀ ni màá fi í sí, pẹ̀lú fáàfù méjì. Ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, tí àtẹ̀gùn sì gbé e dé orí òrùlé, òkè ló dára jù fún un. Fáàfù tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí kò yàtọ̀ sí ihò tí a dí pa.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì sí i torí pé ó ṣẹ́ kù nínú àpò irinṣẹ́. Ojú páìpù ínṣì 2 tóbi tó ìlọ́po méje èyí tó jẹ́ 3/4, ohun tí ẹ sì nílò níbí ni kí omi sáré lójijì kó gbá ìdọ̀tí lọ. Ní ti irú fáàfù, bọ́ọ̀lù fáàfù ọlọ́wọ́ kan ni, èyí tí ẹ ń yí ní ìdá mẹ́rin àyíká kan. Géètì fáàfù tí wọ́n ń yí bí ẹnu àgbá kì í tì pa mọ́ tí yanrìn bá há sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ óò sì rí i tó ń kán tótó lọ́sàn-án lóru.

Ìdí táńkì oníke tẹ́ pẹrẹsẹ, torí náà fáàfù yóò kó ohun tó wà ní àyíká ihò rẹ̀, kò ní fa èyí tó wà ní òdìkejì. Tí ẹ bá ń ṣe kọnkéré tuntun tí táńkì máa jókòó lé, ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà fáàfù, bíi sẹ̀ǹtímítà kan láti etí kan dé èkejì. Kí kọnkéré náà fúnra rẹ̀ ló dagẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ìdí táńkì sì jókòó lé e. Ẹ má fi òkúta tàbí pákó gbé ẹ̀gbẹ́ kan, torí ibi tí kò sí ohun tó gbé e dúró ni táńkì yóò ti ya.

Ṣíṣí rẹ̀ gba àkókò díẹ̀. Ní ìdájí, lẹ́yìn tí omi ti sùn sínú táńkì mọ́jú, kí pọ́ǹpù tó tan, nígbà tí táńkì ṣì ní omi tó ga, ẹ ṣí fáàfù lẹ́ẹ̀kan náà dé òpin. Ẹ wo àwọ̀ omi. Tó bá mọ́, ẹ tì í. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, omi tó kún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lè jáde, ó sì ṣe é fi bomi rin òdòdó tàbí fọ ilẹ̀. Ẹ má ki ẹnu páìpù náà bọ inú kòtò ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ kó dúró ní ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, kí ìdọ̀tí má ba rí ọ̀nà padà, kí ẹ sì lè rí ohun tó ń jáde. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kan dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni omi ti ń mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léraléra, tí ẹ sì ti wò pé ihò fáàfù wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ohun tí gíga ihò kò lè ṣe ni kó mú ohun tí kò tíì silẹ̀. Amọ̀ tó fẹ́lẹ́ jù lọ lè lo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó já láti ibi tó ga tó mítà kan, bẹ́ẹ̀ ilé Ìkòròdú yìí ń lo omi táńkì rẹ̀ tán kí ọjọ́ méjì tó pé. Bí ìgò kejì yín, èyí tí ẹ pọn ní ìdájí, bá dọ̀tí bákan náà látòkè délẹ̀ láìsí ohun tó silẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ẹ pa owó ihò mọ́. Ẹ fi sanwó àyẹ̀wò omi àti fíltà tó máa jókòó láàárín pọ́ǹpù àti táńkì. Bó bá sì jẹ́ irin ni, ẹ wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ á fi kan omi náà kó tó dé fíltà, kí ìpẹtà lè dúró síbẹ̀.